Àlàfo Tó Ń Wo Ẹ̀yìn, Tó Ń Wo Iwájú

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́ èdè ní Àgbàdo, Alímọ̀ṣọ́, ìpínlẹ̀ Èkó

Ẹ jẹ́ kí n kọ gbólóhùn kan sójú pátákó:

"Dókítà ní kí aláìsàn náà máa lo ____ rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ."

Gbogbo yín ti dáhùn kí n tó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Oògùn ni. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò gbà á. Ẹ wá ronú pé gbólóhùn yìí wà láàárín àyọkà olójú ewé kan, tí a sọ fún ọmọ pé kó ka àyọkà náà dáadáa kó tó dí àlàfo. Kí ló fẹ́ kà á fún? Dókítà wà lápá òsì, oúnjẹ wà lápá ọ̀tún, ìdáhùn wà láàárín wọn. Ọmọ náà gba máàkì, a sì kọ sínú ìwé rẹ̀ pé ó mọ àkàyé. Bẹ́ẹ̀ kò ka nǹkan kan.

Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju èyí lọ: àlàfo tó ń dán àkàyé wò ni èyí tí gbólóhùn tó wà nínú rẹ̀ kò lè dá dí, tó jẹ́ pé gbólóhùn mìíràn, lókè tàbí nísàlẹ̀, ló ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ kì í ṣèèṣì wáyé. Ọwọ́ la fi ń ṣe é, a sì gbọ́dọ̀ dán òun náà wò kí a tó fi dán ọmọ ẹlòmíràn wò.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ wa gan-an. Ó ti pẹ́ tí àyọkà alálàfo, èyí tí àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní kílóòsì, ti di ojúlùmọ̀ àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì JAMB òde òní ní ọgọ́ta ìbéèrè, àyọkà alálàfo sì wà lára wọn. Àjọ WAEC náà ń lò ó. Púpọ̀ nínú àwọn àlàfo tí mo rí nínú ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá tí wọ́n ń tà káàkiri ń wá ọ̀rọ̀ tó bá iṣẹ́ kan mu: bí àyọkà bá dá lórí kóòtù, wọn yóò yọ ọ̀rọ̀ tí lọ́yà ń lò, bó bá dá lórí ọkọ̀ òfuurufú, wọn yóò yọ ti àwọn awakọ̀ rẹ̀. Kò burú. Ìmọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá rò pé àkàyé ni òun ń kọ́ bí ó ti ń da irú wọn sílẹ̀ fún ọmọ, ìmọ̀ ọ̀rọ̀ náà ló ń kọ́. Ní ti Yorùbá ẹ̀wẹ̀, láti 2018 ni òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti pàṣẹ pé kí wọ́n máa kọ́ èdè Yorùbá ní gbogbo ilé-ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ìdánwò ń pọ̀ sí i, àwọn tó ń ṣe ìdánwò sì ń gbé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì wọ inú Yorùbá láìwo bí Yorùbá ṣe rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí àpẹẹrẹ mi jẹ́ Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí nǹkan yìí ti ṣẹ̀. Ní 1953, Wilson Taylor, ará Amẹ́ríkà kan, gbé ọ̀nà àlàfo jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tó wà fún àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ìròyìn. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ló fẹ́ dán wò rárá. Ìwé ló fẹ́ wọ̀n: ó fẹ́ mọ̀ bóyá àyọkà kan rọrùn fún aráàlú láti kà ju òmíràn lọ. Ó ń yọ ọ̀rọ̀ kúrò ní iye kan náà, bí ọ̀rọ̀ karùn-ún karùn-ún, láìbèèrè irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́. Èyí tí àwọn èèyàn bá rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dí jù ni àyọkà tó rọrùn jù. Fún iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, kíkà karùn-ún karùn-ún bọ́gbọ́n mu, nítorí pé kò sí ẹni tó lè sọ pé ó ṣe ojúsàájú. Lẹ́yìn náà ni àwọn olùkọ́ èdè gba irinṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ìdánwò fún ènìyàn.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹni tó ń dí àlàfo ń ka àyọkà látòkèdélẹ̀ ni, àbí ọ̀rọ̀ mẹ́rin márùn-ún tó yí àlàfo ká nìkan ló ń wò? Àwọn ọ̀mọ̀wé wá ọgbọ́n kan dá tó wù mí púpọ̀. Wọ́n mú àyọkà kan, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n wá da àwọn gbólóhùn rẹ̀ rú, tó fi jẹ́ pé èyí tó yẹ kó kẹ́yìn lè wá ṣáájú. Àlàfo kan náà ni, gbólóhùn kan náà ni, ètò nìkan ló yàtọ̀. Bí òǹkàwé bá ń lo gbogbo àyọkà, ó yẹ kí àyọkà tí a dàrú le fún un. Bí ó bá ń wo ẹ̀gbẹ́ àlàfo nìkan, kò ní í mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Chihara, Oller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe èyí ní 1977 pẹ̀lú àwọn ará Jàpáànù tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì látinú ilé. Àwọn tó ka àyọkà tó tò létòlétò ṣe dáadáa ju àwọn tó ka èyí tí a dàrú lọ. Ó wá jọ pé ẹjọ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ní 1982, Shanahan, Kamil àti Tobin tún un ṣe ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Wọ́n da gbólóhùn rú, wọ́n tún gbé gbólóhùn alálàfo kúrò nínú àyọkà rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Máàkì kò yàtọ̀. Ẹni tó rí àyọkà pípé àti ẹni tó rí rádaràda gba bákan náà.

Àwọn kan gbà pé ẹgbẹ́ kan lára àwọn ọ̀mọ̀wé yìí ti ṣìnà. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé kò sí ohun kan ṣoṣo tó ń jẹ́ àlàfo. Bí kíkà karùn-ún karùn-ún bá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tú àṣírí rẹ̀, ìdàrúdàpọ̀ kò ní í pa á lára. Bó bá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní òkèèrè, yóò pa á lára. Lyle Bachman sọ èyí di iṣẹ́ tí ọwọ́ lè ṣe ní 1985. Ó pín àlàfo sí mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà: èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú awẹ́ gbólóhùn kan náà, èyí tó wà ní awẹ́ mìíràn nínú gbólóhùn kan náà, èyí tó wà ní gbólóhùn mìíràn nínú àyọkà, àti èyí tí kò sí nínú àyọkà rárá, tó jẹ́ pé orí òǹkàwé ló wà. Ó ní kí ẹni tó ń ṣe ìdánwò fi ojú ara rẹ̀ yan èyí tó fẹ́. Irú kẹta ni mo bá wá sí Àgbàdo lónìí. Irú kẹrin ń ṣe bí ẹni pé òun ni ìkẹta, mo sì máa padà sórí rẹ̀.

Àyọkà tí mo ṣe fún ìjókòó yìí nìyí. Mo fi sínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbéra ní Àgbàdo, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, nítorí pé ó ti sún mọ́ wa.

"Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Àgbàdo lọ sí Ọ̀yìngbò ti dúró nígbà tí Bísí rí (1) rẹ̀, Délé, láàárín èrò. Délé sọ pé aago mẹ́jọ ni wọ́n máa ń ti ìlẹ̀kùn ibi iṣẹ́ òun, òun kò sì fẹ́ kí ọ̀gá bá òun wí. Wọ́n wọlé, wọ́n wá àyè jókòó. Màmá arúgbó kan àti ọmọ-ọmọ wọn jókòó sí òdìkejì, apẹ̀rẹ̀ (2) kan sì wà lórí itan ọmọ náà. Bí ọkọ̀ ti gbéra, (3) bi Bísí bóyá ọkọ̀ náà yóò dúró ní Agége. Bísí dáhùn pé, 'Bẹ́ẹ̀ ni, mà.' Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé Ìjú, ọkọ̀ náà tẹ bíréèkì lójijì; méjì nínú ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ fọ́, ọmọ náà sì ń fi etí aṣọ nu omi ìyeyè tó ń ro sílẹ̀. Délé rẹ́rìn-ín, ó ní irú rẹ̀ ṣe òun rí ní ọ̀nà ọjà tí ìyá àwọn rán òun, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sọ Bísí lórúkọ. Ọkọ̀ náà dé Ìkẹjà ní àsìkò tó yẹ kó dé. (4), aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni Délé wọ ibi iṣẹ́."

Ìdáhùn tí a fún ọmọ láti mú níbẹ̀: fún (1), ọ̀gá, àbúrò, ẹ̀gbọ́n, oníbàárà, fún (2), àlùbọ́sà, ẹyin, iṣu, ẹja, fún (3), mo, ó, wọ́n, a, fún (4), Nítorí náà, Bákan náà, Síbẹ̀, Fún àpẹẹrẹ.

Ká tó tú u wò, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní mo ka karùn-ún karùn-ún. Ẹ ka gbólóhùn àkọ́kọ́, kí ẹ fi ẹ̀gbọ́n sí àlàfo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ karùn-ún ni "ń", ìkẹwàá ni "Ọ̀yìngbò", ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni "Bísí", ogún ni "láàárín". Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí kò ní í mọ̀ pé "ń" ló wà láàárín "tó" àti "ti Àgbàdo lọ". Ọ̀yìngbò kò sí níbòmíràn nínú àyọkà, nítorí náà kíkà kò lè bá ọmọ rí i. Bísí yóò rọrùn, nítorí pé orúkọ náà tún jáde nísàlẹ̀. "Láàárín èrò" ń fa ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí a yọ, ẹ̀gbọ́n, òun ni ìkẹtàdínlógún. Kíkà wa fò ó kọjá. Ọ̀rọ̀ kéékèèké bí ní, sí, tí, sì, ń, ti pọ̀ nínú Yorùbá ju kí a fi kíkà ṣe é lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo àlàfo kìíní. "Bísí rí ____ rẹ̀, Délé, láàárín èrò." Ọ̀gá lè wọ̀ ọ́. Àbúrò lè wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n àti oníbàárà náà lè wọ̀ ọ́. Gbólóhùn náà kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn jà. Ọmọ tó fẹ́ dáhùn gbọ́dọ̀ dúró títí yóò fi dé ìsàlẹ̀, níbi tí Délé ti ń sọ ìtàn. Ohun méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan kò sì tó. "Ìyá àwọn" fi hàn pé ìyá kan náà ni wọ́n ní, ó lé ọ̀gá àti oníbàárà lọ. Ṣùgbọ́n àbúrò ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sọ Bísí lórúkọ, Délé ti dàgbà tó ẹni tí à ń rán lọ sọ́jà. Àbúrò lọ, ẹ̀gbọ́n kù. Gbólóhùn mẹ́fà ló wà láàárín àlàfo àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Mo tọ́ka sí i pé n kò kọ ọ́ pé Délé dàgbà ju Bísí lọ. Bí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ń wá ọ̀rọ̀ tó jọ "dàgbà" kiri yóò rí i láìlóye ìtàn.

Àlàfo kejì náà ń wo iwájú. Ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ lè jẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí ọkọ̀ yóò fi tẹ bíréèkì. Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ níbí. Kí ló dé tí mo kọ apẹ̀rẹ̀ dípò kéréètì, tó jẹ́ pé kéréètì la sábà ń fi gbé ẹyin? Nítorí pé bí kéréètì bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo, ẹni tó bá ti ra ẹyin rí ní ọjà Àbúlé Ẹ̀gbà kò ní í ka gbólóhùn kejì kó tó mú ìdáhùn. Kí ló sì dé tí ọsàn kò sí nínú ìdáhùn? Nítorí pé ọsàn tó pọ́n lè fọ́, omi rẹ̀ sì lè jọ ìyeyè. Ọmọ tó bá mú un lè bá mi jiyàn, n kò sì ní rí ẹsẹ̀ dúró sí. Ìdáhùn tí kò tọ̀nà gbọ́dọ̀ bá gbólóhùn tirẹ̀ mu délẹ̀, kí gbólóhùn tó wà ní òkèèrè sì pa á tán. Èyí tí kò bá kú tán, ẹ yọ ọ́.

Àlàfo kẹta ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé kò sí bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ṣe lè ṣe irú rẹ̀. Ta ló bi Bísí ní ìbéèrè? Bó bá jẹ́ ọmọ kékeré náà ni, tàbí Délé, "ó" la máa kọ. Bó bá jẹ́ màmá ni, "wọ́n" ni, nítorí àgbà. Ẹ̀yìn àlàfo ni a ti mọ̀ pé òǹkọ̀wé yìí ń bọ̀wọ̀ fún màmá: "ọmọ-ọmọ wọn" ló kọ, kò kọ "ọmọ-ọmọ rẹ̀". Iwájú àlàfo la ti mọ ẹni tó sọ̀rọ̀: Bísí dáhùn pé "mà". Kò sí ẹni tó ń dá ọmọ tó jókòó gbé apẹ̀rẹ̀ lóhùn pé mà. Ọmọ tó bá wo ẹ̀yìn nìkan lè mú ó tàbí wọ́n. Ẹni tó bá wo iwájú nìkan mọ̀ pé obìnrin àgbà ló sọ̀rọ̀, kò tíì mọ̀ bóyá òǹkọ̀wé yóò pè é ní wọ́n. Méjèèjì ló gbọ́dọ̀ so pọ̀. Bí ẹ bá yọ "mà" kúrò lẹ́nu Bísí, àlàfo náà bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fi "ọmọ mi" rọ́pò rẹ̀, ìdáhùn yí padà di "ó".

Àmọ́ ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé àlàfo arọ́pò-orúkọ. Mo kọ "(3) bi Bísí". Ká ní mo kọ "(3) kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ náà yóò dúró ní Agége", iṣẹ́ ti bàjẹ́, nítorí pé "ó" kì í dúró níwájú "kò" nínú Yorùbá tí à ń kọ. "Kò mọ̀" la ń sọ. Ọmọ yóò kàn rí i pé "ó kò" kò dùn létí, yóò mú "wọn", yóò sì gba máàkì láìmọ̀ pé màmá kan wà nínú ọkọ̀. Irú jíjò bẹ́ẹ̀ tún wà nínú àmì ohùn. Ọ̀rọ̀-ìṣe bí "rà" máa ń di "ra" bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, "ra ẹyin", ṣùgbọ́n kì í yí padà níwájú arọ́pò-orúkọ, "rà á". Bí ẹ bá yọ ohun tí wọ́n rà, àmì orí "ra" ti sọ fún ọmọ irú ọ̀rọ̀ tí ẹ yọ. Bákan náà ni "ní" tó ń di "l" níwájú fáwẹ̀lì tí kì í ṣe "i": ẹni tó bá tẹ "l" síwájú àlàfo ti tú ìdajì àṣírí. Ẹ kọ "ní" tán pátápátá kí ẹ tó fi àlàfo sílẹ̀.

Ó ku àlàfo kẹrin. Ẹni tó bá wo gbólóhùn tó ṣáájú rẹ̀ nìkan yóò sọ pé: ọkọ̀ dé lásìkò, nítorí náà Délé tètè wọ ibi iṣẹ́. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ṣé aago mẹ́jọ ààbọ̀ yá ni, àbí ó pẹ́? Gbólóhùn kejì nínú àyọkà ló mọ̀: aago mẹ́jọ ni wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn. Délé ti pẹ́ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ tó ń so wọ́n pọ̀ ni "Síbẹ̀". Níbí náà, ọ̀rọ̀ kékeré kan lè tú àṣírí. Bí mo bá kọ "aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni Délé tó wọ ibi iṣẹ́", "tó" yẹn ti sọ pé ó pẹ́. A ò nílò gbólóhùn kejì mọ́.

Àlàfo yìí náà ló ń fi ọ̀nà àyẹ̀wò tí mo gbára lé jù hàn. Ẹ yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà ní òkèèrè: ẹ sọ pé aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ìdáhùn di "Nítorí náà". Gbólóhùn tó ní àlàfo kò yí padà, èyí tó ṣáájú rẹ̀ kò yí padà, síbẹ̀ ìdáhùn yí. Àlàfo tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó dájú pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní ibi tí ẹ gbé e sí. Ẹ lè ṣe é fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sọ Délé lórúkọ ni Bísí ń sọ ìtàn nípa rẹ̀, ẹ̀gbọ́n yóò di àbúrò.

Àyẹ̀wò kejì nílò ènìyàn. Ẹ kọ gbólóhùn alálàfo kọ̀ọ̀kan sórí bébà lọ́tọ̀, pẹ̀lú ìdáhùn mẹ́rin rẹ̀, kí ẹ fún ogún ènìyàn tí kò rí àyọkà rí. Kí wọ́n mú èyí tó bá wù wọ́n. Nígbà tí ìdáhùn bá jẹ́ mẹ́rin, ogún ènìyàn tó kàn ń méfò yóò gbà á ní nǹkan bí ìgbà márùn-ún. Bí márùn-ún tàbí mẹ́fà bá gbà á, ó dára. Bí méjìlá bá gbà á, gbólóhùn náà ń jò, ẹ wá ibi tó ti ń jò. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ogún mìíràn ní odindi àyọkà, kí ẹ rí i pé àwọn tó mọ̀wé kà dáadáa níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán. Bí àgbàlagbà tó mọ̀wé bá ń jiyàn lórí rẹ̀, kì í ṣe ọmọ ni ẹ máa dá lẹ́bi. Ohun tí à ń wá ni ọ̀gbun tó wà láàárín iye méjèèjì yìí. Àlàfo "oògùn" tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lè jẹ́ ogún nínú ogún ní ìhà méjèèjì: ó rọrùn, ó péye, kò sì wọn nǹkan kan. Àwọn ènìyàn yìí kò ní láti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn olùkọ́ kẹ́míkà àti ìṣirò tó wà ní yàrá olùkọ́ yín ti tó bẹ̀rẹ̀.

Mo ṣèlérí láti padà sórí irú kẹrin. Ká ní mo yọ "Agége" nínú ìbéèrè màmá, tí mo sì kọ nísàlẹ̀ pé ibùdó tó tẹ̀ lé ti màmá ni Ìkẹjà. Ó jọ àlàfo tó dára: gbólóhùn tirẹ̀ kò dá a dí, gbólóhùn òkèèrè ló ń ràn án lọ́wọ́. Ọmọ Àgbàdo tó ń wọ ọkọ̀ náà yóò gbà á, torí ó mọ̀ pé Ìjú, Agége, Ìkẹjà ni wọ́n tò. Ọmọ tó mọ̀wé kà jù ú lọ ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Badagry kò ní í gbà á. Ohun tó sọnù kò sí nínú bébà. Àyẹ̀wò bébà lásán kò ní í tú u fó, nítorí pé ogún ènìyàn àkọ́kọ́ kò ní í gbà á lóòótọ́, ogún kejì tó jẹ́ ará Àgbàdo yóò sì gbà á. Ọ̀gbun yóò wà, yóò sì tàn yín. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣe àlàfo gbọ́dọ̀ fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nínú àyọkà. Bó bá jẹ́ pé "gbogbo ènìyàn ló mọ̀" ni ẹ fẹ́ sọ, irú kẹrin nìyẹn. Ẹ lè tún un ṣe pẹ̀lú gbólóhùn kan tó sọ bí ibùdó ṣe tẹ̀ léra, kí ọmọ Ẹ̀pẹ́ lè rí i kà.

Bí ẹ ti ń tọ́ka sí kọ́kọ́rọ́ náà, ẹ fa ilà sábẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀dà tiyín, kí ẹ sì má ṣe yọ ọ̀rọ̀ tó ní ilà. Ó dà bí ohun tí kò yẹ kí n máa sọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àyọkà tó dára ti ń kú. Olùkọ́ kan fẹ́ kí àlàfo pé mẹ́wàá, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò yọ, ó yọ "fọ́" tàbí "mà". Àlàfo ti wá ń wo àlàfo. Bí ọmọ bá ṣi ọ̀kan, ó ṣi méjì, máàkì rẹ̀ kò sì sọ ohun kan náà fún yín mọ́. Àyọkà bí èyí tí mo kà, tí kò gùn, kò lè gbé ju mẹ́rin márùn-ún lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mẹ́wàá, ẹ kọ ìtàn tó gùn sí i.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti máàkì. Taylor kò gba ọ̀rọ̀ mìíràn ju èyí tí òǹkọ̀wé lò lọ, ó sì tọ́ fún iṣẹ́ tirẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ máa ń fẹ́ yọ ìdáhùn mẹ́rin kúrò, kí ọmọ kọ tirẹ̀ sí àlàfo, nítorí pé ó dà bí ẹni pé ìyẹn ló dára jù. Fún àlàfo kejì, kò sí wàhálà: ẹni tó kọ ẹyin ló gbà. Fún ìkẹta náà, wọ́n tàbí màmá náà, méjèèjì fi hàn pé ó yé e. Fún ìkẹrin, ẹ gba Síbẹ̀, ẹ gba Ṣùgbọ́n, ẹ gba Bó ti wù kó rí. Àlàfo kìíní ni kò ní í ṣeé ṣe. Ọmọ lè kọ ẹ̀gbọ́n, ó lè kọ bùọ̀dá, ẹ gba méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó lè kọ "ọmọ ìyá". Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀: Délé ni ọmọ ìyá Bísí lóòótọ́, àyọkà náà kò sì já a nírọ́. Ọmọ yẹn ti rí "ìyá àwọn", a ò sì lè mọ̀ bóyá ó rí ti ìsọmọlórúkọ. Bí a bá fún un ní máàkì, a ti sọ ìdajì kọ́kọ́rọ́ nù. Bí a bá fi dù ú, a ti jẹ ẹ́ níyà nítorí ọ̀rọ̀ tó tọ̀nà. Èmi yóò fi ìdáhùn mẹ́rin sílẹ̀ fún àlàfo kìíní, n ó sì ṣí ẹnu àwọn mẹ́ta tó kù sílẹ̀ fún ọmọ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí, bí ìwé ìdánwò náà tilẹ̀ máa dà bí èyí tí ẹni méjì ṣe.